Gé e sọnù ni àbí tún un kọ kó kúrú: bá a ṣe dín ìwé ìléwọ́ kan kù ní Àgbádárìgì

Ìwé ìléwọ́ kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan wà ní Àgbádárìgì níbí tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa mú àlejò káàkiri, ọmọ ilé ìwé ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń mú kiri, látìgbà dé ìgbà bọ́ọ̀sì á kó wọn wá láti Ìkòròdú, láti Ẹ̀pẹ́, láti inú Èkó lọ́hùn-ún, wọ́n á dúró níwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, wọ́n á wá wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí erékùṣù Gbérẹfù. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìwé kan dání tó máa kà lédè Yorùbá, ojú kan ṣoṣo, ìwé A4 tí wọ́n gé sí méjì. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, gbogbo wa ń pè wọ́n ní Bàbá Tíṣà, ni wọ́n bẹ̀ kó bá wọn kọ ọ́, Bàbá sì kọ ọ́ dáadáa, Yorùbá tó dùn, àmọ́ ohun tí Bàbá kọ tó bíi ọ̀rọ̀ 410, àyè tó wà lórí ìwé ò lè gbà ju 160 lọ.

Èèyàn lè béèrè pé ṣé wọn ò lè kọ lẹ́tà ẹ̀ kó kéré ni. Wọn ò lè ṣe é. Àwòrán ilé náà ti gba ìdajì ojú ìwé, èdè Yorùbá sì ní àmì lórí àti àmì nísàlẹ̀, tí lẹ́tà bá ti kéré jù, tí ìlà sì sún mọ́ra jù, àmì orí ìlà kejì á lọ dì mọ́ ẹsẹ̀ ìlà àkọ́kọ́, ọmọ tó ń kà á ò ní mọ èwo ni ẹ, èwo ni e. Torí náà ọ̀rọ̀ gangan ló gbọ́dọ̀ dín kù, kì í ṣe lẹ́tà.

Kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi (mo máa ń bá àwọn èèyàn tún ọ̀rọ̀ ṣe, ìwé ètò ìsìnkú, ìkéde orí rédíò, irú ẹ̀), èèyàn méjì ti gbìyànjú, ọ̀nà tí kálukú sì gbà yàtọ̀ síra pátápátá, ìdí gan-an nìyẹn tí mo fi rò pé ọ̀rọ̀ yìí tó kọ sílẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ ni àbúrò tó jẹ́ olórí àwọn amọ̀nà yẹn. Ó bọ̀wọ̀ fún Bàbá, kò fẹ́ kí gbólóhùn Bàbá kankan sọnù, ló bá jókòó, ó ń tún gbogbo gbólóhùn kọ lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè kúrú, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀. Ó ṣe é ṣe é, ó dé bíi 265, kò lè lọ síwájú mọ́. Mo sì mọ̀ pé kò ní lè lọ síwájú, torí nínú iṣẹ́ témi ń ṣe, tí mo bá ń tún gbólóhùn kọ kó kúrú láì yọ nǹkan kan kúrò nínú ohun tó ń sọ, ìdá mẹ́rin kan ló máa ń jáde, tí ẹni tó kọ ọ́ bá fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gígùn gan-an ló máa ń tó ìdá mẹ́ta kan. Àmọ́ tí wọ́n bá ní kí nǹkan tó jẹ́ 410 di 160, ohun tí wọ́n ní kó o yọ ti ju ìdajì lọ, kò sí bó o ṣe lè tún gbólóhùn kọ tó tó máa gbé ẹ débẹ̀. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ lọ pátápátá. Èyí tí àbúrò kọ wá le bí òkúta, gbogbo gbólóhùn ẹ̀ kún fún orúkọ àti ọdún, kò síbi tí ẹnu ti lè sinmi, ọmọdé tó bá ń kà á sókè, èémí ẹ̀ á tán lójú ọ̀nà.

Ẹnì kejì ni ẹni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbé 265 fún un, ó ní kò wọlé, ó kàn gé ìdí ìwé náà kúrò títí tó fi wọlé, ó wá fi èyí tó ṣe ránṣẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó wà nídìí ìwé náà ni ìkìlọ̀ nípa láífù jákẹ́ẹ̀tì àti ìgbì òkun. Ọpẹ́ ni pé wọ́n rí i kó tó tẹ̀ ẹ́. Ohun tó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ni pé ó ń gé láti ìsàlẹ̀ bí ẹni pé ohun tó bá kẹ́yìn ló kéré jù níyì, bẹ́ẹ̀ ìwé Yorùbá kì í rí báyẹn rárá, ìkíni àti àdúrà la máa ń kọ síwájú, ohun tó ṣe pàtàkì jù la fi ń parí ọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá gé ìwé Yorùbá láti ìsàlẹ̀, ìkíni lẹ máa ṣẹ́kù sọ́wọ́.

Nígbà tí àbúrò gbé e wá, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un kọ kó kúrú sí i." Mo ní rárá, a ò ní tún nǹkan kan kọ báyìí, èyí tí Bàbá kọ gangan ni kó o gbé wá, ká kọ́kọ́ wo èyí tó máa lọ. Ìdí tí mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gígé ni pé tó o bá ti lo wákàtí kan láti tún gbólóhùn kan ṣe tó fi kúrú tó sì dùn, ọwọ́ ẹ ò ní lè gé e mọ́, kódà tó bá jẹ́ òun ló yẹ kó lọ. Ohun téèyàn ti ṣe wàhálà lé lórí máa ń nira láti jù nù.

Bá a ṣe yan èyí tó máa lọ nìyí. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan la bi ní ìbéèrè kan: tí ọmọ yẹn ò bá ka èyí, kí ló máa pàdánù? Ìkíni Bàbá lókè gùn tó bí ọ̀rọ̀ 40, òwe kan wà níbẹ̀, "tayọ̀tayọ̀ àti tìdùnnútìdùnnú" wà níbẹ̀, àmọ́ amọ̀nà yẹn fúnra ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ fẹnu kí wọn kó tó pín ìwé, torí náà a fi "Ẹ káàbọ̀ sí Àgbádárìgì" sílẹ̀, ìyókù lọ. Ìdúpẹ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ nísàlẹ̀, bí ọ̀rọ̀ 30, lọ. Ìyẹn ò lẹ́jọ́ nínú.

Èyí tó lẹ́jọ́ nínú díẹ̀ ni igi Àgíà. Ohun tí Bàbá kọ nìyí:

"Igi Àgíà tí ó wà ní ìlú yìí jẹ́ igi ńlá kan. Wọ́n ní abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù ìhìnrere ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Igi náà wó lulẹ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù kẹfà ọdún 1959. Ohun ìrántí ni ó wà ní ipò rẹ̀ báyìí."

Ọ̀rọ̀ 45. Àbúrò ti fi tiẹ̀ sọ ọ́ di 20, ó fẹ́ fi sílẹ̀ báyẹn. Mo bi í pé ṣé ẹ máa ń mú àwọn ọmọ yẹn dé ibi ohun ìrántí náà ni, ó ní rárá, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ẹ̀yìn ìyẹn etí ọ̀sà, ó di Gbérẹfù. Tóò, ó tán. Ìtàn igi Àgíà dáa, òótọ́ ni pé ó yẹ kí ọmọ Nàìjíríà mọ̀ ọ́n, àmọ́ tá a bá dín in kù sí 20, ọ̀rọ̀ 20 la ṣì ń ná lórí ibi tí wọn ò dé, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ 20 ò tó láti jẹ́ kẹ́ni tí kò rí i mọ bó ṣe rí. Ibi tí mo ti rí i pé gígé dáa ju títún kọ lọ nìyí: nígbà tí ohun tí gbólóhùn náà ń sọ fúnra ẹ̀ kì í ṣe ti ìwé yìí. Kò sí bó ṣe kúrú tó tí kò ní wúwo. Àbúrò gbà, ó ní òun á máa fẹnu sọ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì.

Ó wá kan ìpínrọ̀ tó jẹ́ pé òun ló kọ́ wa ní nǹkan jù. Bàbá kọ ọ́ báyìí:

"Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman, ajíhìnrere ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí ìlú wa Àgbádárìgì. Ṣáájú kí ọdún yẹn tó parí ni Henry Townsend, ẹni tí í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọ CMS, náà dé. Ìjọ tirẹ̀ yìí ni ó wá kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ẹ ń wò yìí, èyí tí wọ́n parí ní ọdún 1845. Ilé náà dojú kọ ọ̀sà, ó sì rẹwà púpọ̀ láti wò."

Ọ̀rọ̀ 69 lèyí, gbólóhùn mẹ́rin. Èyí tó kẹ́yìn rọrùn, ọmọ náà dúró síwájú ilé, ọ̀sà wà lẹ́yìn ẹ̀, kò nílò kí ìwé sọ ohun tó ń fojú rí fún un. (Tó bá jẹ́ ilé ni wọ́n ti máa ń ka ìwé yìí kí wọ́n tó wá, mi ò bá má gé e o, ibi tẹ́ni tó ń kàwé dúró sí ló ń sọ èyí.) Ó ku mẹ́ta. Àbúrò ní tá a bá ń wá èyí tó máa lọ, kí Townsend lọ, torí Freeman ló kọ́kọ́ dé, ilé náà ló sì wà níwájú wọn, Townsend kàn wà láàrin ni. Ó dà bí òótọ́. Mo ní kó fi ìka bo gbólóhùn kejì yẹn mọ́lẹ̀, kó ka ìyókù sókè fún àbúrò ẹ̀ obìnrin tó bá a wá, tí kò mọ nǹkan kan nípa ìwé náà. Ó kà á: Freeman, ajíhìnrere ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí ìlú wa Àgbádárìgì, ìjọ tirẹ̀ yìí ni ó wá kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo bi ọmọ náà pé ìjọ wo ló kọ́ ilé yẹn. Kò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Mẹ́tọ́díìsì."

Ìyẹn kì í ṣe òótọ́, CMS ló kọ́ ọ. Kò sí gbólóhùn kan nínú èyí tó kù tó parọ́ o, ọ̀rọ̀ Bàbá ni gbogbo ẹ̀, bó ṣe kọ ọ́ náà ló wà, a ò fi nǹkan kan kún un. Yíyọ tá a yọ èyí tó wà láàrin ló sọ ọ́ di irọ́, torí "tirẹ̀" tó ń tọ́ka sí Townsend tẹ́lẹ̀ ti wá lọ mú Freeman. Ewu tó wà nínú gígé nìyẹn, ohun tó sì jẹ́ kó burú ni pé kò hàn. Tí gbólóhùn bá kù díẹ̀ káàtó, tí gírámà ẹ̀ bá fọ́, ojú ẹ á rí i, àmọ́ èyí tó kù sílẹ̀ níbí já gaara. Ní Yorùbá tiwa sì rèé, "ó" lè jẹ́ ọkùnrin, lè jẹ́ obìnrin, lè jẹ́ ilé, lè jẹ́ ìjọ, "rẹ̀" náà bẹ́ẹ̀, torí náà kó o tó gé gbólóhùn kankan, wo gbólóhùn tó tẹ̀ lé e, wo gbogbo "ó", "rẹ̀", "wọ́n", "ibẹ̀", "èyí" tó wà nínú ẹ̀, kó o béèrè pé ta ni wọ́n dì mú. Tó bá jẹ́ ẹni tó o fẹ́ lé lọ ni wọ́n dì mú, o ò tíì lè gé e.

Àmọ́ ìyẹn ò sọ pé Townsend gbọ́dọ̀ dúró. Àbúrò rò pé mo fẹ́ sọ pé ká fi í sílẹ̀ ká tún un kọ kó kúrú ni, mo ní ó tún kù. Ohun tá a ṣe ni pé a ò fọwọ́ kan gbólóhùn kejì rárá, ẹ̀kẹta la tún ṣe: a yọ "tirẹ̀ yìí" kúrò, a fi "CMS" rọ́pò ẹ̀. Ó di "Ìjọ CMS ló kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí, wọ́n parí rẹ̀ ní 1845." Nígbà tí gbólóhùn kẹta ti lè dá dúró fúnra ẹ̀, tí kò di Townsend mú mọ́, Townsend wá ṣeé gé láì ba nǹkan kan jẹ́. A gé e. A tún ti Freeman kọ díẹ̀, ìpínrọ̀ náà wá di:

"Ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ìjọ CMS ló kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí, wọ́n parí rẹ̀ ní 1845."

Láti 69 sí 28. Àwọn èèyàn máa ń rò pé gígé àti títún kọ jẹ́ ọ̀nà méjì tó o máa yan ọ̀kan nínú ẹ̀ fún gbólóhùn kan, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà gbólóhùn kan lo máa gé, aládùúgbò ẹ̀ lo máa tún kọ kí gígé náà lè bọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ kan tó o fi tún aládùúgbò ṣe lè gbà ẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tàbí méjìdínlógún.

Ẹ tún wo bí títún kọ gan-an ṣe lọ nínú gbólóhùn Freeman yẹn, torí kì í ṣe pé a kàn ń ṣẹ́ ọ̀rọ̀. "Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún" di "Ọjọ́ 24". "Ajíhìnrere ìjọ Mẹ́tọ́díìsì" di "ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì", "ìlú wa" lọ. Nínú ìyókù ìwé náà, ibi tí mo ti rí ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù láti yọ láì pàdánù nǹkan kan ni irú "ṣe àbẹ̀wò sí", "ṣe ìrànlọ́wọ́ fún", "ní àkókò tí ó jẹ́ pé", tí "bẹ̀ wò", "ràn lọ́wọ́" àti "nígbà tí" máa ṣe iṣẹ́ wọn pé pérépéré. Àti ọ̀rọ̀ méjì tó ń sọ ohun kan náà, ayọ̀ àti ìdùnnú, ìyà àti ìṣẹ́. Bàbá fẹ́ràn ìyẹn gan-an, ó sì dùn lẹ́nu, tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa dúró sọ ní gbangba ni, mi ò bá bẹ̀bẹ̀ fún un kó dúró. Orí ìwé tí kò ní àyè ni kò yẹ.

Títún kọ náà ní ewu tiẹ̀, ó sì yàtọ̀ sí ti gígé. Èyí ni Bàbá kọ nípa Crowther:

"Wọ́n ní nínú ilé yìí ni Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Yorùbá tí gbogbo ayé mọ̀ bí ẹni mowó, ti ṣiṣẹ́ lára ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, nígbà tó ń gbé ní Àgbádárìgì kó tó lọ sí Abẹ́òkúta ní 1846."

Ọ̀rọ̀ 39. Èyí tí àbúrò kọ ni: "Ibí ni Crowther ti túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá." Mẹ́jọ péré! Tẹ́ ẹ bá ń wo iye nìkan, òun ló borí. Inú ẹ̀ dùn sí i gan-an, ó ní ẹ ò rí i pé mo gbìyànjú. Mo ní o gbìyànjú lóòótọ́, àmọ́ wo nǹkan méjì tó jábọ́ lójú ọ̀nà. "Wọ́n ní" ti lọ, ohun tí wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu àgbà wá di ohun tí ìwé ń fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí. "Lára" náà ti lọ, ìyẹn ló wá burú jù. Oṣù kìíní 1845 ni Crowther dé Àgbádárìgì, ó sì lọ sí Abẹ́òkúta ní 1846, ọdún 1884 ni odindi Bíbélì Yorùbá tó jáde, ó sì ju ẹnì kan lọ tó fọwọ́ sí iṣẹ́ náà. Ẹni tó lo ọdún kan àti díẹ̀ níbí ò lè túmọ̀ Bíbélì tán níbí. Ọ̀rọ̀ kékeré kan, "lára", lẹ́tà mẹ́rin, òun ló gbé òótọ́ gbólóhùn yẹn dúró, ìdí tó sì fi rọrùn láti sọnù ni pé kò dà bí ìròyìn. Ẹni tó ń dín ọ̀rọ̀ kù máa ń di orúkọ àti ọdún mú gírígírí, ó máa ń jẹ́ kí irú "lára", "fẹ́rẹ̀ẹ́", "wọ́n ní", "díẹ̀ nínú", "ó ṣeé ṣe kí" bọ́ sílẹ̀, torí ojú ẹ̀ ń rí wọn bí omi tí wọ́n fi lá ọbẹ̀.

Torí náà bí mo ṣe máa ń ṣe é ni pé tí mo bá fẹ́ tún gbólóhùn kọ, mo máa ń kọ́kọ́ fa ìlà sábẹ́ gbogbo irú àwọn ọ̀rọ̀ yẹn nínú èyí tó wà tẹ́lẹ̀, tí mo bá parí, mo máa ń wò ó bóyá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣì wà níbẹ̀ tàbí nǹkan mìíràn ń ṣe iṣẹ́ wọn. Ohun tá a kọ ni: "Wọ́n ní ilé yìí ni Samuel Àjàyí Crowther ti ṣiṣẹ́ lára ìtumọ̀ Bíbélì sí Yorùbá kó tó lọ sí Abẹ́òkúta ní 1846." Ó jẹ́ 22. Ọ̀rọ̀ 14 la fi ju ti àbúrò lọ, owó òótọ́ nìyẹn, a sì san án. Tí àyè ò bá sì wà fún 22, màá sọ pé kí gbólóhùn náà lọ pátápátá ju pé ká fi ọlọ́rọ̀ mẹ́jọ yẹn sílẹ̀ lọ. Ibí yìí gan-an ni mo fi ń mọ̀ pé gígé ti dáa ju títún kọ: tí gbólóhùn bá ti dé ibi tó jẹ́ pé kò lè kúrú ju báyìí lọ láì yí òótọ́ padà, má fipá mú un, yálà kó o fi í sílẹ̀ tàbí kó o yọ ọ́. Ọmọ tí kò gbọ́ nǹkan kan nípa Crowther lórí ìwé yìí á gbọ́ ọ níbòmíì, àmọ́ èyí tó bá ka irọ́ lọ sílé, tíṣà ẹ̀ ló máa lọ sọ ọ́ fún.

Ìpínrọ̀ nípa òwò ẹrú ló gùn jù, ó tó 130, a sì mú un wá sí 65, ìdajì ẹ̀ gígé, ìdajì ẹ̀ títún kọ. Mi ò ní kó gbogbo ẹ̀ síbí. Ibì kan péré ni mo fẹ́ ká wò, ibi tí Bàbá ti sọ̀rọ̀ kànga tó wà lójú ọ̀nà etí òkun ní Gbérẹfù. Bàbá kọ "àwọn oníṣòwò" àti "àwọn ẹrú" lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́ ní gbogbo ibi tí wọ́n ti jẹ yọ, àbúrò wá fi "wọ́n" rọ́pò gbogbo ẹ̀ kó lè dín ọ̀rọ̀ kù, ó di: "Wọ́n ní wọ́n máa ń fún wọn lómi kànga kan mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé." Ẹ ka "wọ́n" tó wà níbẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni àwọn tó ń sọ ìtàn, ìkejì oníṣòwò, ìkẹta ẹrú, ìkẹrin ẹrú. Ẹni tó ti mọ ìtàn náà á lóye ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá láti Ìkòròdú á dúró síbẹ̀ máa wò. Ohun tá a ṣe ni pé a yí ẹni tí gbólóhùn náà dá lé padà, a yọ oníṣòwò kúrò nínú ẹ̀ torí gbólóhùn tó ṣáájú ti sọ tiwọn: "Kànga kan wà lójú ọ̀nà, ìtàn ìlú sọ pé ẹrú tó bá mu omi rẹ̀ á gbàgbé ilé." Ó fi ọ̀rọ̀ méjì gùn ju ti àbúrò lọ, àmọ́ ẹnì kan ló wà nínú ẹ̀ báyìí, kò sẹ́ni tó máa béèrè pé ta ni. Pípọ̀ tí "wọ́n" bá pọ̀, àmì ni pé wọ́n ti dín ibi tí kò yẹ kù, mo máa ń kà wọ́n ni, tó bá ti lé ní méjì nínú gbólóhùn kan, tí kì í sì í ṣe àwọn kan náà, mo máa ń dá orúkọ ọ̀kan padà.

Ìkìlọ̀ tí wọ́n gé sọnù lọ́jọ́sí ńkọ́? A dá a padà, a sì gbé e wá sókè, òun ló tẹ̀ lé ìkíni báyìí. Bàbá kọ ọ́ báyìí: "A rọ gbogbo ẹ̀yin ọmọ wa pé kí ẹ wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó wọ inú ọkọ̀ ojú omi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bọ́ ọ títí tí ẹ ó fi gúnlẹ̀ ní òdìkejì. Ẹ má ṣe lọ lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun ní Gbérẹfù, nítorí pé ìgbì ibẹ̀ le púpọ̀, ó sì lè gbé ènìyàn lọ." Nǹkan mẹ́ta ló ń pa láṣẹ, kò sí ẹyọ kan tó ṣeé yọ nínú ẹ̀, torí náà ibí yìí kò sí gígé rárá, títún kọ nìkan ni. Ó di:

"Ẹ wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ má bọ́ ọ títí ẹ ó fi gúnlẹ̀. Ẹ má lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun ní Gbérẹfù: ìgbì ibẹ̀ lè gbé yín lọ."

Láti 56 sí 31. Àbúrò ní kí n yọ ti ìgbì náà, pé "ẹ má lúwẹ̀ẹ́" ti tó, mi ò gbà. Ọmọdé tó o bá sọ fún pé má ṣe é láì sọ ìdí ẹ̀, nígbà tó bá rí òkun tó tẹ́ lọ bẹẹrẹ báyẹn lójú ẹ̀, ó lè rò pé wọ́n kàn ń ṣe tàgbà ni. A tiẹ̀ yí "ènìyàn" sí "yín" kó lè mọ̀ pé òun là ń bá wí.

Nígbà tá a ka gbogbo ẹ̀, ó jẹ́ 150. Ó ku mẹ́wàá. A gbé e lọ bá Bàbá nílé, mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ má bínú Bàbá, iṣẹ́ yín la gé báyìí. Bàbá gbà á, wọ́n fi dígí ojú wọn kà á láti òkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò sọ̀rọ̀ nípa òwe wọn tó lọ rárá, èmi tí mo ti ń ronú ohun tí màá sọ nípa òwe yẹn. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Townsend dà?" Mo ṣàlàyé bí gbólóhùn CMS ṣe ti lè dá dúró láìsí i. Bàbá ní òun gbọ́ ìyẹn, kò sí irọ́ níbẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá kà á báyìí á rò pé Freeman nìkan ló dé lọ́dún yẹn, CMS á wá dà bí ẹni pé ó já bọ́ látọ̀run ní 1845.

Bàbá sọ òótọ́, kò sì tako ohun tá a ti ṣe. Gbólóhùn lè ṣeé gé láì ba òótọ́ jẹ́, síbẹ̀ kí àyè ẹ̀ hàn nígbà tó bá lọ. Àbúrò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tó ṣẹ́kù jẹ́ ti igi Àgíà, Bàbá fẹ́ kó jẹ́ ti Townsend. Mo gbìyànjú méjèèjì síwájú wọn níbẹ̀. Ti Àgíà lọ́rọ̀ mẹ́wàá ò ṣeé ṣe láì yọ "wọ́n ní" kúrò tàbí kí ọmọ má mọ ibi tí igi náà wà, a ti rí irú ẹ̀ nínú ti Crowther. Ti Townsend jáde báyìí: "Henry Townsend ti CMS dé kí ọdún yẹn tó parí." Mẹ́wàá géérégé. A fi í sí àárín Freeman àti ilé náà, ibi tí Bàbá kọ́kọ́ fi í sí, a fi "Ìjọ CMS" sílẹ̀ nínú gbólóhùn tó tẹ̀ lé e bó ṣe wà, a ò dá "tirẹ̀" padà, torí tẹ́ni tó máa tẹ̀ ẹ́ bá tún ní àyè ò tó, kó lè gé Townsend láì tún bi ẹnikẹ́ni.